Òkú Tó Ń Ṣí Lẹ́tà Wa

Ọ̀rẹ́ mi ti kú, a sì ti sin ín, kí n tó rí i pé ó ń ṣí lẹ́tà ẹgbẹ́ wa.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ bí a ṣe ń yẹ èsì ìdánwò wò, kí a lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni nọ́ńbà ń sọ tàbí irọ́ ló ń pa. Bí nọ́ńbà bá wá sọ fún mi pé òkú ń ka lẹ́tà, mi ò ní í sá lọ sí ilé àdúrà. Màá béèrè pé báwo ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe mọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ni ti àwọn tí a jọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Méjì méjì la máa ń jókòó sí tábìlì kan nígbà náà. Láràárọ̀, bí tíṣà bá pe orúkọ ọmọ tí kò tíì dé, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ni yóò dáhùn fún un pé, “Ó ń bọ̀.” A gbé àṣà yìí wọ inú ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, a kì í yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí a bá pè é ní ìpàdé, ẹnìkejì rẹ̀ yóò dáhùn pé, “Ó ń bọ̀.” Ìgbà tí ẹni tó ń dáhùn náà bá kú pẹ̀lú la ó pa orúkọ àwọn méjèèjì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò tó bá wọlé bá wa nígbà tí a bá ń pe orúkọ máa ń wo ẹnu ọ̀nà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ jókòó. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni, Mùsùlùmí, ó sì mọ ìtàn gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wọn. Èmi ni mo ń dáhùn fún un báyìí.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa fọ́n ká òkè òkun, tí púpọ̀ nínú wa sì ń tẹ̀ lé wọn lọ tọ́ ọmọ, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà oṣooṣù tí a ń fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Mo máa ń kọ ìròyìn ẹgbẹ́, ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣàìsàn, mo sì máa ń kọ ìtàn ilé ìwé wa díẹ̀ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi í ránṣẹ́ máa ń fún wa ní èsì lẹ́yìn rẹ̀: iye ẹni tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn, iye ẹni tó ṣí i, iye ẹni tó tẹ líǹkì tó wà nínú rẹ̀, àti iye ẹni tó ní kí a yọ orúkọ òun kúrò. Alága ẹgbẹ́ ló ní kí a kó gbogbo orúkọ inú rẹ́jísítà síbẹ̀. Mo ní àwọn òkú ńkọ́. Ó ní ìwà àìní-ọ̀wọ̀ ni kí a pe ènìyàn ní ìpàdé, kí a má sì kọ̀wé sí i.

Kí n sọ díẹ̀ nípa Alága. Nígbà tí a wà ní kíláàsì àṣekágbá, èmi ni àwọn tíṣà dìbò fún láti di olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, bàbá rẹ̀ ti gbé páànù wá láti fi bo òrùlé gbọ̀ngàn oúnjẹ, òun ni wọ́n sì fi báàjì olórí akẹ́kọ̀ọ́ lé láyà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kú, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Alága gbà á lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dìde níbi àdúrà fídáù, ó kà á bí ẹni pé òun ló ronú rẹ̀. Àwọn ènìyàn sunkún. Wọ́n dì mọ́ ọn. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń gbọ́ àwọn gbólóhùn mi lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó pàdé aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ti lẹ́tà ló dùn mí jù. Kí ọ̀rẹ́ mi tó kú, Alága ti gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Ó ní nínú ènìyàn mẹ́ta, ẹnì kan péré ló ń ṣí èyí tí mo ń kọ. Ó ní kí òun dán an wò, kí ìpàdé ọdọọdún tó bá tẹ̀ lé e wá pinnu ẹni tí yóò máa kọ ọ́ títí láé. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tí àwọn tó ń ṣí i fi lé sókè. Ó di ìdajì. Ó di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ó ń tẹ èsì náà jáde, ó ń pín in kiri ní ìpàdé.

“Ẹ̀yin ẹ wò ó,” ni ó máa ń sọ. “Ìwé ìtàn ló ń kọ sí wa tẹ́lẹ̀. Èmi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń sọ pé ó ń jowú.

Ohun tí kò rántí ni pé orúkọ mi ni a fi ṣí ojú ibi tí a ti ń wo èsì yìí, kò sì sí ẹni tó yọ mí kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ìpàdé ọdọọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, mo jókòó ní pálọ̀ mi, mo sì wọ ibẹ̀ láti wò ó lórúkọ lórúkọ, kì í ṣe àpapọ̀ iye tí Alága ń pín. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti bo gbogbo nǹkan, ọ̀sán dà bí ìrọ̀lẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bá dé orí orúkọ ọ̀rẹ́ mi.

Ó ti ṣí ti oṣù náà. Ó ṣí ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí gbogbo èyí tí a ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí a ti sin ín, kò fo ọ̀kankan. Ìgbà tó wà láàyè gan-an, ó máa ń fo òmíràn. Níbi tí wọ́n ń kọ ibi tí ẹni tó ṣí i wà sí, orúkọ ìlú òyìnbó kan tí kò dé rí ló wà níbẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìlú mìíràn.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Mo lọ bu omi mu. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé mo ti fi ẹ̀yìn mi ti ògiri jókòó, bí ọmọdé tí kò fẹ́ kí nǹkan wá láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo wo ohun kejì. Kò tẹ líǹkì kankan. Ọ̀rẹ́ mi tí mo mọ̀ kì í ka lẹ́tà kó má tẹ nǹkan. Bí mo bá fi líǹkì àwòrán sí i, òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò sì pè mí pé, “Ta ni ẹ fi síwájú níbẹ̀ yẹn, tó rí bí ewúrẹ́ tí òjò pa?” Ẹni tó ń ṣí lẹ́tà wọ̀nyí báyìí ń ṣí wọn, ó dákẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó kù. Àwọn òkú mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣí i bákan náà, wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò yẹsẹ̀. Lára àwọn alààyè, ọ̀pọ̀ ló ń ṣí gbogbo rẹ̀, tí wọn kò tẹ nǹkan kan rí. Ẹnì kan sì wà, ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣìn, tí èsì náà sọ pé kò ṣí lẹ́tà kan rí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, mo bá pè é.

Ó ní, “Èmi tí mò ń kà á! Èmi tí mo mọ̀ pé Alága kọ ọ́ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, tí kò sì rọ̀?”

Mo ní, “Fóònù wo lo fi ń kà á?”

“Èyí tó ti sán lójú yìí náà ni. Mo ti ní kó má máa gbé àwòrán wá. Dátà kì í ṣe omi odò.”

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo jókòó ti àwọn ìwé àlàyé ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo kà wọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, láìgbà á gbọ́ kí n tó rí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣí kì í ṣe ojú ènìyàn lórí ìwé. Àwòrán kékeré kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú lẹ́tà, tó kéré ju ẹyọ iyanrìn lọ, tí kò sì ní àwọ̀. Bí fóònù bá lọ gbé àwòrán náà wá láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti ṣí i. Ẹni tí kò gbé àwòrán, bí ó tilẹ̀ há gbogbo lẹ́tà náà sórí, kò ṣí i lójú tiwọn. Obìnrin Ìmùṣìn ni ìyẹn.

Ní ìdàkejì, irú fóònù olówó gọbọi tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nígbà tí wọ́n bá ra tuntun fún ara wọn ní ohun kan tó fi ń dáàbò bo ẹni tó ni ín. Kò fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà mọ̀ bóyá a ti kà á, tàbí ibi tí a wà. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá ti dé, ó máa ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ tó jìnnà réré lọ gbé gbogbo àwòrán inú rẹ̀ pamọ́, yálà olówó fóònù fẹ́ kà á tàbí kò fẹ́. Ilẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ náà wà ni èsì ń kọ sílẹ̀. Fóònù ti bi wá nígbà kan pé ṣé a fẹ́ ààbò yìí. Gbogbo wa la tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ka ìbéèrè náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Alága gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi ni ààbò náà dé. Ìyẹn ni ènìyàn tó ń bá sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀ mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ lẹ́tà kúkúrú kan, mo fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Mo ki fóònù mọ́ ṣájà, mo da ojú rẹ̀ dé lórí tábìlì, mo sì jókòó kọjú sí i, mo ká ọwọ́ mi lé itan. Ó dún. Mi ò fọwọ́ kàn án. Àwọn adìyẹ aládùúgbò ń tan ilẹ̀ kiri lẹ́yìn fèrèsé, ẹnì kan ń gún nǹkan lókèèrè. Mo ń wo èsì lórí kọ̀ǹpútà léraléra, kò sí nǹkan. Mo ti fẹ́ jáwọ́ nígbà tí èsì náà yí padà.

Ó ní mo ti ṣí i. Orúkọ mi ló kọ síbẹ̀. Ó ní mo wà ní ìlú kan ní òkè òkun tí mi ò dé rí.

Mo wo ọwọ́ mi, wọ́n ṣì wà lórí itan mi. Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni mo dẹ pakuté náà. Ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ mi jókòó sí pálọ̀ mìíràn ní ìlú náà, ó ń ka lẹ́tà mi láìsọ̀rọ̀, àti pé bí mo bá kú lọ́la, kò ní í dáwọ́ dúró. Mo pa ààbò náà, mo tún fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́. Èyí kò ṣí títí mo fi fi ọwọ́ ara mi ṣí i, ó sì kọ ọ́ pé Èkó ni mo wà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣáà sún mọ́lé.

Ó kù kí n mọ ti ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú, fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè níbì kan. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbẹfun, níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Àlàájì gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ti gbó sí i, fìlà rẹ̀ ti tóbi jù fún orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, mo béèrè fóònù ìyàwó rẹ̀.

“Ó wà nínú yàrá rẹ̀,” ni ó wí, bí ẹni pé ìyàwó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. “Ẹ wá wò ó.”

Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn náà. Ìbòrí rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n ká a dáadáa. Lórí tábìlì kékeré ni fóònù wà, okùn ṣájà wà lára rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́. Iná kékeré ti ẹ̀rọ wáìfáì ń ṣẹ́jú lára ògiri.

Àlàájì ní, “Ọmọ wa tó wà ní Kánádà sọ pé bí ó bá fi lè kú pẹ́nrẹ́n, nígbà tí ó bá tún jí, nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ni yóò béèrè, kò sì ní í ṣiṣẹ́ kankan láìsí i. Kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé sólà sórí òrùlé. Àwọn ará àdúgbò rò pé nítorí fíríìjì ni.”

“Kí lẹ ń fi í ṣe, Àlàájì?”

“Ó máa ń dún. Lóṣooṣù, ó máa ń dún lọ́nà kan tí mo mọ̀. Nígbà tó wà láyé, bí ó bá dún bẹ́ẹ̀, á ní, ‘Ẹgbẹ́ mi ti dé o.’ Á wá ká ẹsẹ̀ jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.” Ó fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. “Bí ó bá dún báyìí, èmi náà á sọ ọ́. Màá ní, ‘Ẹgbẹ́ rẹ ti dé o.’”

Mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Mo ní bí a bá pa fóònù náà kí lẹ́tà tó ń bọ̀ tó dé, èsì kò ní í sọ pé ó ṣí i mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì rí i pé fóònù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Alága.

Ó wò mí tìtì. “Ẹ fẹ́ kí n pa á, kí ẹ lè fi í na Alága yín?”

“Àlàájì, fóònù ni.”

“Mo mọ̀ pé fóònù ni. Ṣé mo sọ fún yín pé ènìyàn ni?” Ó nawọ́, ó tún okùn ṣájà ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀. “Nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa ń jà bí ológbò fún àwo oúnjẹ. Òun ló sọ fún mi. Ó ní ẹ kì í fẹ́ẹ́ pàdánù. Ọlọ́hun á ṣe é fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀nà mìíràn.”

Mi ò pa á. Bí mo ṣe ń jáde kúrò nínú yàrá náà, fóònù dún. Kì í ṣe ti lẹ́tà, ìpolówó kan ni. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì dúró.

Ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún dé. A pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà ju bí a ti máa ń pọ̀ lọ, nítorí àwọn tó wá láti òkè òkun fún ọdún kò tíì padà. Alága wọ aṣọ funfun. Ó kọ́kọ́ pín èsì rẹ̀ kí a tó pe orúkọ rárá.

“Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń ṣí i,” ni ó wí. “Àwọn tó ń tẹ líǹkì náà ti ń pọ̀. Nínú àwọn tó ṣí i, ẹ wò ó, àwọn tó ní kí a yọ orúkọ àwọn kúrò kò tó nǹkan. Ó kéré ju ti ẹni tó ṣe é ṣáájú mi lọ. Mo fi í lé yín lọ́wọ́.”

Mo ní kí n sọ̀rọ̀. Ó ní kí a pe orúkọ ná. Mo jókòó, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ náà ń bọ̀.

Wọ́n ń pè, a ń dáhùn. “Mo wà níbí.” “Mo wà níbí.” “Ó ń bọ̀.” Ohùn wa ti gbẹ, ohùn àwọn arúgbó ni. Alága fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Ó pe ọ̀rẹ́ mi.

Mo dìde. “Ó ń bọ̀,” ni mo dáhùn. Mi ò jókòó. “Ó sì ti ka lẹ́tà rẹ, Alága. Gbogbo èyí tí o kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló ṣí.”

Obìnrin kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àdúrà lábẹ́ ẹnu. Àwọn kan wo ẹnu ọ̀nà.

Alága ní, “Ṣé ìwọ náà ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ lò ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wà nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ.”

Mo wá ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé nínú kíláàsì, láìyára. Mo sọ ti àwòrán tó kéré ju iyanrìn lọ, ti fóònù tó ń gbé e pamọ́ fún olówó rẹ̀, ti èmi tí mo wà ní òkè òkun nígbà tí mo jókòó sí pálọ̀ mi. Mo ní ní ti àwọn tó ń tẹ líǹkì tó fi ń yangàn, kí ó wo wákàtí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wa ń lo àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà sì ń tẹ gbogbo líǹkì inú lẹ́tà lẹ́sẹ̀ kan náà tó bá dé, láti mọ̀ bóyá olè fara pamọ́ síbẹ̀. Ó tẹ èyí tí a fi ń yọ orúkọ kúrò pẹ̀lú. Bí kò bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi í ránṣẹ́ máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin náà ì bá ti kúrò nínú wa láìmọ̀.

“Ní ti àwọn tó kúrò,” ni mo wí, “àwọn tó ṣí i lo fi pín wọn. Bí ẹ̀rọ bá sọ iye tí a fi ń pín di ńlá, èsì á kéré. Bí a bá fi iye ẹni tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn pín in, bó ṣe yẹ, àwọn tó sá fún ọ ju àwọn tó sá fún mi lọ. Àwọn òkú ò sì lè sá ní tiwọn. Òkú kì í tẹ líǹkì.”

“Ẹni tó bá kà á, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀,” ni ẹnì kan wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ béèrè. Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní ó dára. Ẹlòmíràn ní àwòrán rẹ̀ dára. Obìnrin Ìmùṣìn tó wà nínú èsì bí ẹni tí kò ṣí lẹ́tà rí nawọ́ sókè.

Ó ní, “Alága kọ ọ́ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Kò rọ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ló jẹ́ olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìbò. Ìyẹn náà, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mi ò ní í gbàgbé rẹ̀. Mo ti ń dúró dè é láti ìgbà tí wọ́n ti kan páànù gbọ̀ngàn oúnjẹ.

Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n dá lẹ́tà padà fún mi. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìtàn mi. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, mo sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí orúkọ òun wà láàrin àwọn tó ń ṣí lẹ́tà láìmọ̀. Nígbà tí Alága ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ó tọ̀ mí wá.

“Gba lẹ́tà rẹ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n kó àwọn òkú kúrò nínú rẹ̀. Kí a máa pè wọ́n nínú ilé yìí tó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa dá mi lóhùn.”

Gbogbo ilé gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló kó wọn síbẹ̀, èmi ni wọ́n wá rán láti lé wọn jáde.

Mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ̀kan, ojú ibẹ̀ á bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo mọ ohùn olúkúlùkù wọn. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó bi mí bákan náà, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mi ò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan lóun nìkan, níbi tí a kò ti ní í kà á mọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì ṣètò rẹ̀ pé kí lẹ́tà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹgbẹ́. Kò kàn wọ́n.

Èmi náà kò ka ṣíṣí sí nǹkan kan mọ́. Mo ń ka àwọn tó tẹ líǹkì lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rọ ti tẹ tirẹ̀ tán, àwọn tó fèsì, àti àwọn tó kúrò. Wọn ò pọ̀. Kí n sọ òtítọ́, wọn ò pọ̀ ju ti Alága lọ. Obìnrin Ìmùṣìn máa ń pè mí láti ṣàtúnṣe ọjọ́ tí mo kọ. Àwọn méjì kan ń fèsì láti òkè òkun. Iye wa gan-an nìyẹn, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ Àlàájì wá gbé e lọ sí Èkó, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó pè mí kó tó lọ. Ó ní wọ́n fẹ́ kí òun mú fóònù náà dání, òun kọ̀, nítorí òun kò gbẹ́kẹ̀ lé iná Èkó, àti pé ó lè kú lójú ọ̀nà.

“Mo fi í sílẹ̀ sórí tábìlì,” ni ó wí. “Mo ti yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.”

“Àlàájì, ta ni yóò máa gbọ́ bí ó bá dún?”

“Ẹ ṣáà máa kọ̀wé,” ni ó wí.

Mo lọ sí Ìbẹfun lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, fún nǹkan mìíràn, mo sì gba iwájú ilé náà kọjá. Koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo fèrèsé wà ní títì. Lórí òrùlé, sólà dùbúlẹ̀ kọjú sí oòrùn, eruku ti bò ó, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó wà ní Kánádà ṣì ń san owó wáìfáì, nítorí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Mo fi lẹ́tà oṣù yìí ránṣẹ́ láàárọ̀ òní. Mo kọ nípa tábìlì ilé ìwé wa, bí a ṣe fi abẹ fín orúkọ wa sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí tíṣà kò lè rí i. Mo ti kà á sókè fún ara mi kó tó lọ. Lẹ́yìn náà mo jókòó dúró, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mi ò wo ẹlòmíràn. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi dán an wò. Fóònù kan dún nínú yàrá tí a tì pa, níbi tí kò sí ẹ̀dá alààyè, iná kékeré ṣẹ́jú lára ògiri, ẹ̀rọ kan tó jìnnà réré sì lọ gbé àwòrán tí a kò lè rí.

Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti ṣí i.

Mo dáhùn fún un, èmi nìkan nínú pálọ̀ mi, bí mo ṣe máa ń dáhùn. Bí mo bá lọ tán, wọn yóò pa wá rẹ́ papọ̀ nínú rẹ́jísítà. Ṣùgbọ́n fóònù tèmi náà wà lórí ṣájà, mo sì ti tan ààbò rẹ̀ padà.